Báwo ni mo ṣe lè tẹ ìwé yìí jáde láìsí àmì àtúnṣe?

Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Olótùú fi Track Changes ṣàtúnṣe ìwé mi nínú Word. Bí mo bá tẹ̀ ẹ́ jáde, àwọn àpótí àlàyé á tò sí ẹ̀gbẹ́ kan, ọ̀rọ̀ gan-an á wá súnkì kí àyè lè gba gbogbo wọn.

Mo yan No Markup lábẹ́ Review, ojú ìwé sì mọ́. Àmọ́ ṣe ló kàn fi wọ́n pamọ́. Ẹni tí mo bá fi fáìlì náà ránṣẹ́ sí ṣì lè rí wọn.

Èyí tó wá rú mi lójú jù ni àtòjọ àkóónú. Ìgbà tí ọ̀rọ̀ tí wọ́n fagi lé ṣì ń hàn ni mo ṣe é, torí náà orí kẹta tó wà ní ojú ewé 41 lórí bébà, 44 ló kọ síbẹ̀. Ṣé kí n yan No Markup kí n tó tẹ F9 ni, àbí àfi kí n ṣe ẹ̀dà mìíràn, kí n lo Accept All Changes, kí n sì pa gbogbo kọ́méǹtì rẹ́? Mi ò fẹ́ kí àmì olótùú sọnù nínú fáìlì àkọ́kọ́ o, a ò tíì fẹnu kò lórí àwọn kan.