Ìbéèrè tí a kì í bi ènìyàn níwájú káńtà

Apoògùn, Mọ́kọ́lá
Obìnrin kan ń gba oògùn kòkòrò apa-sójà-ara lọ́dọ̀ wa, mo sì ti yí ohun tí ẹnikẹ́ni lè fi dá a mọ̀ padà. Hóró kan lójúmọ́ ni, èyí tó kó tẹnofofíà, lamifudíìnì àti dolutẹgirafíà pọ̀ sójú kan. Ó ti pẹ́ tí àyẹ̀wò kò ti rí kòkòrò náà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n èsì tó gbé wá kẹ́yìn jẹ́ 1,400 nínú mílílítà ẹ̀jẹ̀ kan. Bí iye náà bá ti kọjá 1,000, ṣe ni a máa ń bá onítọ̀hún jókòó léraléra fún nǹkan bí oṣù mẹ́ta, kí a tó tún ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yẹ̀ wò, kí ẹnikẹ́ni tó sọ pé oògùn kò ràn án mọ́.

Mo ka hóró tó kù nínú ìgò rẹ̀. Hóró 90 ló gbà, ọjọ́ 84 ti kọjá, 6 ló sì kù, bó ṣe yẹ kó rí. Ẹ̀rí yìí kò dájú tán, nítorí àwọn kan máa ń da ìyókù nù kí wọ́n tó wọlé tọ̀ wá. Ní káńtà, níbi tí èrò ti ń du parasitamọ́ọ̀lù, ohun tí wọ́n máa ń bi í ni pé, "Ṣé ẹ ń lò ó déédéé?" Á ní bẹ́ẹ̀ ni, á sì yára kúrò níbẹ̀. Nígbà tí a jókòó sẹ́yìn aṣọ ìkélé, tí a tan fáànù kí ohùn wa má bàa jáde, n kò bi í ní ìbéèrè yẹn. Mo ní kó ka gbogbo ohun tó fi sẹ́nu láàárọ̀ àná fún mi, láti ìgbà tó ti jí. Ó ní aago márùn-ún ìdájí ni òun ń lo oògùn náà, láìtíì jẹun, pẹ̀lú kápúsù ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n kọ fún òun nítorí pé nǹkan oṣù òun ń pọ̀ jù. Irin inú kápúsù yẹn a máa so mọ́ dolutẹgirafíà nínú ikùn, iye tó ń dénú ẹ̀jẹ̀ yóò sì dín kù gan-an. N kò lè búra pé òun nìkan ló fà á. A gbé kápúsù náà sí aago mẹ́sàn-án alẹ́.

Olùkọ́, Bódìjà
Ohun tí nọ́ọ̀sì kan sọ fún mi ni pé kí wákàtí méjì ṣáà ti wà láàárín wọn, èyí tó wù kó ṣáájú.

Apoògùn, Mọ́kọ́lá
Wákàtí méjì tó bí oògùn kòkòrò bá ṣáájú. Bí kápúsù ẹ̀jẹ̀ ló bá ṣáájú, wákàtí mẹ́fà ni. Ẹni tó bá fi oúnjẹ lò ó lè da méjèèjì pọ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni kálíṣíọ̀mù. Ṣùgbọ́n ní ti oògùn olómi funfun tí a ń mu fún inú títa, oúnjẹ kò lè mú kí a dà á pọ̀ mọ́ ọn.

Oníṣòwò aṣọ, Dùgbẹ̀
Èmi náà wà lórí oògùn yìí. Ariwo hóró nínú ìgò ló ń dà mí láàmú nínú mọ́tò, ni mo ṣe dà wọ́n sínú agolo fitamíìnì. Nípa yàrá ìkọ̀kọ̀ tí ẹ ń sọ, ibi tí mo ti ń gbà á tẹ́lẹ̀ ní ọ̀kan, wọ́n sì kọ àkọlé sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Gbogbo ẹni tó bá rí ọ tí o wọ ibẹ̀ ti mọ̀. Káńtà sàn jù ú lọ.

Bàbá, Òjóò
Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ni tèmi, wọ́n sì ń pariwo rẹ̀ náà. Ṣé àwa kò ní ìkọ̀kọ̀ ni?

Apoògùn, Mọ́kọ́lá
Ẹ ní in, bàbá. Ẹ̀yìn aṣọ kan náà ni a ń mú ẹlẹ́jẹ̀ ríru, onítọ̀ ṣúgà àti ẹni tó fẹ́ fètò sọ́mọ bíbí lọ, kí wíwọ ibẹ̀ má bàa túmọ̀ sí ohun kan ṣoṣo. Ìyá oníṣòwò, ẹ dá hóró yín padà sínú ìgò rẹ̀, nítorí àpò kékeré tó wà nínú rẹ̀ ló ń fa ọ̀rinrin. Ẹ fi aṣọ wé ìgò náà láti òde, ariwo rẹ̀ yóò dín kù.

Olùkọ́, Bódìjà
Ta ló ń dúró ní káńtà nígbà tí ẹ bá wà lẹ́yìn aṣọ?

Apoògùn, Mọ́kọ́lá
Ọmọ tó ń bá wa tajà ni, n kò sì jẹ́ kó ta oògùn tó nílò ìwé dókítà. Nítorí náà èrò á dúró, wọn á sì máa kùn. Ọ̀sán ọjọ́ iṣẹ́ ni mo ń fi ìjókòó wọ̀nyí sí, nígbà tí èrò bá fúyẹ́, ṣùgbọ́n ọjọ́ Sátidé nìkan ni àwọn kan lè rí àyè wá, n kò sì tíì rí ọgbọ́n tí n óò dá sí tiwọn. Èsì àyẹ̀wò kejì ti obìnrin yẹn kò tíì dé.