Òróró wo la lè fi dín àkàrà tí áláàmù èéfín kò ní ké?

Mojísọ́lá (Lẹ́sítà): Ẹ káalẹ́ o, gbogbo ọmọ Òṣogbo. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí ní ìmọ̀ràn. Ilé tí mo kó sí yìí kéré, pálọ̀ àti ilé ìdáná wà pa pọ̀, áláàmù èéfín sì wà ní òkè sítóòfù gan-an. Gbogbo ìgbà tí mo bá fẹ́ dín àkàrà ló máa ń ké. N kò tíì da àkàrà sí i rárá tí òróró á ti máa rú èéfín, tí ojú á sì máa ta mí. Òróró ólífì aláwọ̀ ewé, ẹ́sítírà fájìn, ni mo ń lò. Mo ní kẹ́ẹ̀gì òróró ẹ̀pà kan tí màmá mi rà fún mi ní Ọjà Ọba, mo sì ní ìgò àdín kan. Èwo ló gba iná jù nínú wọn? Àbí kí n kúkú ra fẹjitébù ọ́ìlì ní ṣọ́ọ̀bù?

Bọ̀dé (Kágárì): Wọn kì í fi ólífì dín nǹkan. Bó bá ti kan iná báyìí, ó ti di májèlé nìyẹn. Fi í sí sàláàdì. Òróró ẹ̀pà ni kó o lò, ó gba iná tó 230 lórí ìwọ̀n Sẹ́líṣíọ́ọ̀sì kó tó rú èéfín. Kẹ́ẹ̀gì màmá yín ti parí ọ̀rọ̀.

Ìyá Ìbejì (Dọ́bílìn): Mojí, má fi àdín yẹn dáná o! Òtútù ń bọ̀. Fi pa àwọn ọmọ lára, awọ wọn kò ní máa hún. Èmi kì í jẹ́ kó tán nílé.

Àǹtí Rónkẹ́ (Òṣogbo): Ìyá Ìbejì, ohun tí wọ́n máa fi dín àkàrà ló ń béèrè. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àdín náà kàn, màá dé ibẹ̀.

Bọ̀dé, àbúrò mi, òótọ́ ni 230 tó o pè, àmọ́ òróró ẹ̀pà tí ilé-iṣẹ́ ti sẹ́ mọ́ ló ni ín. Ti inú kẹ́ẹ̀gì yẹn lè jẹ́ ti àwọn tó ń ṣe kúlíkúlí. Wọ́n á yan ẹ̀pà, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á fi omi díẹ̀ sí i, wọ́n á máa pò ó, wọ́n á máa fún un títí òróró á fi yọ. Omi díẹ̀ àti ìyẹ̀fun ẹ̀pà máa ń ṣẹ́ kù sínú rẹ̀, ásíìdì ọ̀rá náà sì wà níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò yọ. Àwọn yẹn ló ń tètè jóná. Irú òróró bẹ́ẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í rú èéfín ní nǹkan bíi 160, bẹ́ẹ̀ àkàrà ń fẹ́ 170 sí 180. Orúkọ tí òróró ń jẹ́ kọ́ ló ń sọ bó ṣe máa gba iná tó. Bí wọ́n ṣe sẹ́ ẹ, àti iye ìgbà tó ti débi iná, ni kí ẹ máa wò.

Mojí, da díẹ̀ sínú ìgò funfun, kó o gbé e sójú fèrèsé di ọjọ́ kejì. Bí nǹkan bá silẹ̀ sí ìsàlẹ̀, tó sì ń ta sánsán bí ẹ̀pà yíyan, kò tíì dé ilé-iṣẹ́. Èyí tí wọ́n sẹ́ máa ń mọ́ gaara, kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ ní òórùn.

Mojísọ́lá (Lẹ́sítà): Ẹ ṣeun mà. Mi ò tíì gbé e sójú fèrèsé, àmọ́ òórùn ẹ̀pà rẹ̀ gba gbogbo ilé. Ólífì ńkọ́? Ṣé májèlé ni lóòótọ́?

Àǹtí Rónkẹ́ (Òṣogbo): Rárá o. Ẹ́sítírà fájìn tó dára máa ń dé 190 sí nǹkan bíi 210 kó tó rú èéfín, ó sì máa ń fara da iná fún ìgbà díẹ̀ láì tètè bàjẹ́. Ó lè dín dòdò. Owó rẹ̀ ni kò jẹ́ kí n máa fi dín àkàrà tó máa mu òróró púpọ̀.

Sọ fún mi ná: ìgbà wo lo máa ń gbé òróró kaná?

Mojísọ́lá (Lẹ́sítà): Mo máa ń gbé e kaná lórí nọ́ńbà tó ga jù, kí n tó wá po ẹ̀wà, kí n gé àlùbọ́sà, kí n fi iyọ̀ sí i. Páànù fífẹ̀ ni, òróró inú rẹ̀ kò jìn.

Àǹtí Rónkẹ́ (Òṣogbo): Ibẹ̀ ni èéfín ti ń wá. Òróró tí kò jìn nínú páànù fífẹ̀, lórí iná tó ga jù, á ti kọjá 200 kó o tó po ẹ̀wà tán. Òróró tí wọ́n sẹ́ gan-an á rú èéfín bí o bá fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Po ẹ̀wà rẹ tán, kó o lù ú kó fúyẹ́, kó o tó tan iná. Lo ìkòkò kékeré tó jìn, má jẹ́ kí òróró kọjá ìdajì rẹ̀. Iná àárín ni kó wà. Bí o bá ní tẹmọ́mítà, dúró di 175. Bí o kò bá ní, ju ẹ̀kán ẹ̀wà kékeré sínú rẹ̀. Bó bá lọ sísàlẹ̀ tó ń ṣe fàájì kó tó gòkè, kò tíì yá. Bó bá gòkè lójú ẹsẹ̀, tí ìfófòó rọra yí i ká, ó yá. Bó bá dúdú kí o tó ṣẹ́jú, gbé e kúrò lórí iná. Má da púpọ̀ sí i lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí òróró á tutù, àkàrà á sì mu ún. Kó àkọ́kọ́ jáde, dúró kí ooru padà, kó o tó da èkejì.

Bó bá sì ń rú èéfín gidi, pa iná, fi ìdérí dé e. Ẹ má da omi sí i o!

Adékúnlé (Hiúsítọ̀nù): Ẹ káàsán mà. Lọ́dọ̀ tiwa níbí, 350 Fárẹ́náìtì ni wọ́n ń kọ fún àkàrà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá 175 yẹn mu. Tèmi ni pé ọmọkùnrin mi kò gbọ́dọ̀ fẹnu kan ẹ̀pà, ojú rẹ̀ máa ń wú, mímí á sì ṣòro fún un. A ò gbé òróró ẹ̀pà wọlé rárá. Fẹjitébù là ń lò, ṣùgbọ́n mi ò mọ ohun tó wà nínú ẹ̀.

Àǹtí Rónkẹ́ (Òṣogbo): Ọlọ́run á máa bá wa ṣọ́ ọ. Ka ẹ̀yìn ìgò. Ní Amẹ́ríkà, sóyà ló sábà máa ń jẹ́. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òróró réépùsíìdì ni. Tiwa níbí, òróró tí wọ́n yọ lára epo pupa ló pọ̀ jù. Bí wọ́n bá ti sẹ́ wọn mọ́, gbogbo wọn ń kọjá 200, wọ́n tó fún àkàrà. Mojí náà, bí o bá ń pe àlejò, bi wọ́n ná kó o tó fi òróró ẹ̀pà dín nǹkan.

Adékúnlé (Hiúsítọ̀nù): Réépùsíìdì yẹn, bó bá gbóná, mo máa ń gbọ́ òórùn ẹja lára ẹ̀. Ìyàwó mi ní mo ń rò ó ni.

Bọ̀dé (Kágárì): Òótọ́ ni, òróró réépùsíìdì lè ní òórùn ẹja bó bá gbóná. Àǹtí, bí mo bá da òróró ẹ̀pà ti kẹ́ẹ̀gì pọ̀ mọ́ fẹjitébù ńkọ́? Ó kéré tán, á gba iná díẹ̀ sí i.

Àǹtí Rónkẹ́ (Òṣogbo): Èyí tí kò gba iná ló máa kọ́kọ́ rú èéfín, wàá sì ba èyí tó dára jẹ́. Àdín ló burú jù láti dà mọ́ òróró mìíràn: á máa hó ìfófòó débi tó lè ru dà síná. Àdín tí ilé-iṣẹ́ sẹ́ ń gba iná dáadáa, ṣùgbọ́n bí omi ẹ̀wà bá ń bá a pàdé léraléra, ó máa ń ní adùn ọṣẹ, á sì dì nínú ìgò ní Lẹ́sítà.

Mojísọ́lá (Lẹ́sítà): Ó yé mi mà. Kí ni kí n wá fi kẹ́ẹ̀gì màmá mi ṣe?

Àǹtí Rónkẹ́ (Òṣogbo): Fi dín ata ọbẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí omi ata bá ṣì wà nínú ìkòkò, ooru kò lè fi bẹ́ẹ̀ kọjá 100, òórùn ẹ̀pà náà á sì dùn nínú rẹ̀. Ṣáà máa rò ó, nígbà tí ata bá ti gbẹ, kó o sì dín iná kù.

Ìyá Ìbejì (Dọ́bílìn): Mojí, bí o kò bá fẹ́ àdín yẹn, èmi á wá gbà á o. Ìgbà wo lo ń bọ̀ ní Dọ́bílìn?