Mínírà ló ń mu látàárọ̀: ìrírí wa pẹ̀lú ọmọ tó ń yàgbẹ́ gbuuru

Ìyá Àánú

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ tèmi. Ọmọ mi obìnrin jẹ́ ọmọ oṣù méjìdínlógún nígbà náà. Ìdájí ni ìgbẹ́ gbuuru bẹ̀rẹ̀, èébì sì tẹ̀lé e. Mo ní sáṣẹ́ẹ̀tì ó-áà-ẹ́sì nílé, mo po ìyẹ̀fun inú rẹ̀ mọ́ omi, mo gbé ife sí i lẹ́nu, ó fi ahọ́n tì í jáde, ó fajú ro. Ìyá ọkọ mi ní kí n bu mínírà fún un, kí n ṣáà fi ṣíbí rò ó títí ìfófòó rẹ̀ á fi lọ. Ọmọ gbà á lọ́wọ́ mi, ó mu ún tán, ó tún ń nawọ́ sí ìgò. Inú mi dùn, mo ní omi náà ló kúkú ń mu yìí.

Ohun tí mi ò fọkàn sí ni pé lẹ́yìn ife kọ̀ọ̀kan, kì í tó ogún ìṣẹ́jú tí inú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, tí ìgbẹ́ á sì tú jáde bí ìgbà tí èèyàn da omi nù. Ife mẹ́rin ló mu kí ọ̀sán tó pọ́n, ẹ̀ẹ̀mẹfà ló yàgbẹ́. Mo ń sọ fún ara mi pé àìsàn náà ló le. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ó ń sunkún ṣùgbọ́n omi kankan ò jáde lójú rẹ̀, ojú ọ̀hún sì ti jìn wọnú.

Nọ́ọ̀sì tó gbà wá fi ìka méjì mú awọ ikùn rẹ̀, ó fà á sókè, ó fi í sílẹ̀. Awọ yẹn ò padà lójú ẹsẹ̀, ńṣe ló ń rọra padà bí aṣọ tó ti rún. Ó wọ̀n ọ́n, ó jẹ́ kílò mẹ́wàá. Ó ní 75 mìlílítà ni fún kílò kan, nítorí náà 750 mìlílítà ó-áà-ẹ́sì ni kó mu láàárín wákàtí mẹ́rin. Mo ní, “Ẹ má bínú, ma, kì í gbà á.” Ó bi mí pé ta ló ní kí n gbé odindi ife fún un. Ó fún mi ní ṣíbí tíì: ṣíbí kan, kí n ka ìṣẹ́jú kan àti ààbọ̀, ṣíbí mìíràn, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó bì lẹ́ẹ̀kan. Nọ́ọ̀sì ní ká dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ká tún bẹ̀rẹ̀ ní díẹ̀díẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Nígbà tó fi máa di nǹkan bíi wákàtí kejì, òun fúnra rẹ̀ ló ń yanu de ṣíbí. Ohun tó ń fi ahọ́n tì dà nù láàárọ̀ náà ni o! Kí wákàtí mẹ́rin tó pé, ó tọ̀ sí mi lára, mo bú sẹ́rìn-ín bí wèrè.

Wọ́n fún un ní síǹkì lọ sílé, 20 mìlígíráàmù lójoojúmọ́ fún ọjọ́ mẹ́wàá. Ẹ̀yin náà, ẹ sọ tiyín.

Bàbá Táyélolú

Ìyá Àánú, ẹ kú ewu ọmọ. Ṣùgbọ́n mi ò rò pé mínírà ló jẹ̀bi o. Ìfófòó rẹ̀ ni, ẹ ò rò ó tó. Èmi a máa bu omi là á, ààbọ̀ mínírà, ààbọ̀ omi, màá wá fi iyọ̀ díẹ̀ sí i. Ohun tí mo fi tọ́jú àwọn ìbejì mi nìyẹn, kò sì sí nǹkan kan tó ṣe wọ́n. Ṣúgà ló ń fún ọmọ tí àárẹ̀ ti mú lágbára. Ẹ má gbà á lẹ́nu ọmọ.

Nọ́ọ̀sì Àgbà

Bàbá Táyélolú, ìdajì ọ̀rọ̀ yín tọ̀nà, sà. Ara ọmọ nílò ṣúgà lóòótọ́, òun ló ṣe wà nínú ó-áà-ẹ́sì. Ṣùgbọ́n ìfófòó ò mọwọ́, ò mẹsẹ̀. Bí ẹ rò ó di ọ̀la, ṣúgà inú rẹ̀ ò yẹ̀.

Mínírà lítà kan a máa ní ṣúgà tó lé ní 100 gíráàmù. Ó-áà-ẹ́sì lítà kan, 13.5 gíráàmù glúkóòsì ló ní, pẹ̀lú 2.6 gíráàmù iyọ̀. Ẹnu ọ̀nà kan wà lára ìfun tí ṣúgà àti iyọ̀ jọ máa ń gbà wọlé, bí ọ̀rẹ́ méjì tó di ara wọn lọ́wọ́ mú, omi á sì tẹ̀ lé wọn. Iyọ̀ inú mínírà kò tó nǹkan. Nítorí náà, ṣúgà tó pọ̀ bẹ́ẹ̀ á jókòó sínú ìfun, á máa fa omi láti inú ara ọmọ wá sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Omi yẹn ni Ìyá Àánú ń rí nínú ìlédìí ní ogún ìṣẹ́jú. Kì í ṣe pé àìsàn náà le sí i, ohun tó ń fún un mu ló ń lé omi jáde.

Ẹ ní ẹ bu omi là á: ó ṣì ku nǹkan bíi 50 gíráàmù ṣúgà, iyọ̀ tí kò tó tẹ́lẹ̀ sì tún dín kù. Èyí tí ẹ̀yin fi sí i, kí lẹ fi wọ̀n ọ́n? Ìgbẹ́ àwọn ìbejì ò le ni, sà. Ọ̀pọ̀ ìgbẹ́ gbuuru ló ń lọ fúnra rẹ̀, ohun tó bá sì wà lọ́wọ́ wa lọ́jọ́ tó lọ la máa ń yìn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi náà, kí ẹ má baà rò pé mínírà nìkan ni wàhálà. Obìnrin kan gbé ọmọ oṣù mẹ́wàá wá, ó ní ó-áà-ẹ́sì lòun ń fún un látàná. Ọmọ yẹn ń mu bí ẹni tí wọ́n ń lé, kò sì tẹ́ ẹ lọ́rùn. Bí ó ṣe ń mu ni òùngbẹ ń pọ̀ sí i, inú ń bí i, kò gbà kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan òun. Ìyẹn ló yà mí lẹ́nu, torí ọmọ tó bá ń rí omi gidi mu máa ń rọlẹ̀ ni. Mo ní kí ìyá ọmọ fi ìgò tó fi pò ó hàn mí. Ìgò kékeré báyìí, kò ju ìdámẹ́ta lítà lọ, odindi sáṣẹ́ẹ̀tì tó wà fún lítà kan ló dà sínú rẹ̀, “kó lè tètè ṣiṣẹ́.” Iyọ̀ ìlọ́po mẹ́ta! Ọjọ́ méjì ni dókítà fi rọra dá omi ara rẹ̀ padà, torí bí iyọ̀ bá ti pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, tí a bá kánjú dá a padà, ọpọlọ lè wú. Láti ọjọ́ yẹn, kí n tó béèrè iye ìgbà tí ọmọ yàgbẹ́, ìgò ni mo kọ́kọ́ máa ń béèrè.

Ìyá Ọmọtuntun

Ẹ jọ̀ọ́ ma, ọmọ tèmi ò tíì yàgbẹ́ láti ọjọ́ mẹ́rin, oṣù márùn-ún ni. Ṣé kí n fún un ní mínírà yìí díẹ̀, kó lè tú u?

Nọ́ọ̀sì Àgbà

Háà, rárá o! Ẹ má fún un. Bó bá jẹ́ ọmú nìkan ló ń mu, tó ń mu ún dáadáa, tí ikùn rẹ̀ rọ̀, ọjọ́ mẹ́rin lè máà jẹ́ nǹkan kan. Bí ikùn bá wú tàbí tó ń bì, ẹ gbé e lọ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Ọ̀rọ̀ tiyín yàtọ̀ sí èyí tí à ń sọ.

Àkàndé

Nọ́ọ̀sì wa, mo ní àtakò kan, ẹ má bínú. Ní 2016, àwọn dókítà ní Tòróńtò, ní Kánádà, tẹ ìwádìí kan jáde lórí ọmọ 647, láti ọmọ oṣù mẹ́fà sí ọmọ ọdún márùn-ún. Wọ́n fún apá kan ní ó-áà-ẹ́sì, wọ́n fún apá kejì ní omi èso ápù tí wọ́n fi omi là ní ìdajì, lẹ́yìn náà kí wọ́n mu ohun tó bá wù wọ́n. Nínú ọmọ 100 tó mu ápù, nǹkan bíi 17 ni ìtọ́jú ò ṣiṣẹ́ fún. Lápá ó-áà-ẹ́sì, 25 ni. Ṣé èyí ò gbè Bàbá Táyélolú lẹ́yìn báyìí?

Bàbá Táyélolú

Ẹ gbọ́ o!

Nọ́ọ̀sì Àgbà

Ó gbè wọ́n lẹ́yìn díẹ̀, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo irú ọmọ tí wọ́n lò: àwọn tí omi ara wọn ò tíì gbẹ, tàbí tó gbẹ díẹ̀ péré, tí ilé ìwòsàn sì wà ní ìtòsí. Ọmọ Ìyá Àánú ò sí lára wọn ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn. Omi èso ni wọ́n sì fi bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe mínírà.

Ibi tí mi ò ti lè gé ọ̀rọ̀ náà ni ti ọmọ tó ń ṣeré, tó ń tọ̀, tó kàn kọ ó-áà-ẹ́sì jálẹ̀. Ọ̀gá mi ní kó mu omi èso tí a là, ó sàn ju kó má mu nǹkan kan lọ. Èmi ní ká fi ṣíbí tẹpẹlẹ mọ́ ọn, torí ọmọ tí òùngbẹ bá ń gbẹ gan-an kì í fi bẹ́ẹ̀ kọ iyọ̀ rẹ̀. A ti fa ọ̀rọ̀ yìí títí, a ò tíì fẹnu kò.

Bàbá Kẹ́hìndé

Tiwa ṣẹlẹ̀ lóru, kò sí sáṣẹ́ẹ̀tì nílé. Èmi ló ń pe òǹkà, ìyàwó mi ló ń bu ṣúgà àti iyọ̀ sínú omi. Ṣíbí ìjẹun ló mú dípò ṣíbí tíì, kò sì mọ̀. Ọpẹ́lọpẹ́ pé ó tọ́ ọ wò kó tó gbé e fún ọmọ. Ó ní ó níyọ̀ ju omijé lọ, a dà á nù. Lẹ́ẹ̀kejì, a fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ gé orí ṣíbí tíì kó tẹ́jú: ṣúgà ṣíbí mẹ́fà, iyọ̀ ààbọ̀ ṣíbí, omi lítà kan tí a ti sè tó sì ti tutù. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni, nítorí náà lẹ́yìn ìgbẹ́ kọ̀ọ̀kan a ń fún un ní 100 sí 200 mìlílítà. Nígbà tó di òru ọjọ́ kejì, a da èyí tó kù nù, a po òmíràn.

Ohun tó dà mí láàmú jù ni pé lẹ́yìn ife kejì, ó sùn. Mi ò mọ̀ bóyá kí n jí i tàbí kí n fi í sílẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Àgbà

Ẹ fọwọ́ kàn án, sà. Bó bá lajú, tó wò yín, tó bínú pé ẹ jí òun, tó gbé ṣíbí kan mì kó tó padà sùn, oorun ni. Bó bá lajú tí kò wo ẹnikẹ́ni, tí omi inú ṣíbí ń ṣàn gba ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀ jáde, ẹ má rọ nǹkan kan sí i lẹ́nu mọ́. Ẹ gbé e jáde lóru yẹn gan-an, dírípù ló kù.

Bàbá Kẹ́hìndé

Ó bínú o! Ó tilẹ̀ gbá ṣíbí dà nù lọ́wọ́ mi.

Ìyá Àánú

Ẹ ṣeun gan-an, ma. Mo ka gbogbo èyí fún ìyá ọkọ mi lánàá, láti òkè dé ilẹ̀. Wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n mi orí, wọ́n ní ẹ̀bi mi náà ni: dúdú ni mo rà, funfun ló yẹ kí n rà.