Òwò èèpo ẹ̀gẹ́ àti ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú mẹ́ta níwájú adájọ́

Adékẹ́: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ìdíje òwò ń bọ̀ ní yunifásítì wa, ìṣẹ́jú mẹ́ta péré lẹnì kọ̀ọ̀kan ní. Èèpo ẹ̀gẹ́ ni mò ń rà lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe gàrí, tí mò ń sọ di oúnjẹ ewúrẹ́. Ọ̀rọ̀ 450 ni mo kọ lédè Gẹ̀ẹ́sì. Ṣé kò ti pọ̀ jù?

Jídé: Ó ṣe rẹ́gí. Nǹkan bí ọ̀rọ̀ 150 lèèyàn ń sọ ní ìṣẹ́jú kan. Ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀ ni 450.

Bàbá Olùkọ́: Jídé, ti ẹni tó ń kàwé nínú yàrá nìyẹn. Níwájú adájọ́, èèyàn á mí, á sì dúró díẹ̀ kí ọ̀rọ̀ lè wọlé. Adékẹ́, gé e sí 370. Kọ gbogbo owó ní lẹ́tà kí o tó kà á. ₦3,500 jẹ́ ọ̀rọ̀ kan lójú kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n márùn-ún ni yóò ti ẹnu rẹ jáde. Ibẹ̀ ni àkókò ń gbà sá lọ.

Má fi orúkọ àti ẹ̀ka ẹ̀kọ́ rẹ bẹ̀rẹ̀, ẹni tó ń pè ọ́ ti sọ wọ́n. Bẹ̀rẹ̀ láti orí òkìtì èèpo tó ń jẹrà lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń ṣe gàrí.

Ìyá Ìbejì: Èmi ní tèmi, òrí ni mò ń tà. Àwòrán ni mo máa ń gbé dání, àwọn oníbàárà sì fẹ́ràn rẹ̀. Ṣé kò ní dára kí Adékẹ́ gbé méjìlá lọ?

Bàbá Olùkọ́: Ìyá Ìbejì, oníbàárà lè dúró wò ó pẹ́. Adájọ́ tó ń ka àwòrán kò gbọ́ ohun tí Adékẹ́ ń sọ. Ẹyọ kan tó.

Sadé Ọlọ́sìn: Adékẹ́, má fò oró inú èèpo tútù o! Òun ni adájọ́ tó mọ ẹran yóò kọ́kọ́ bi ọ́. Gbólóhùn kan ti tó: a rin ín, a fi jáàkì fún omi rẹ̀ jáde, a jọ̀ ọ́, a sá a gbẹ.

Adékẹ́: Ẹ ṣé o, Àǹtí. Ẹ bá mi wo owó yìí. Tọ́ọ̀nù èèpo tútù mẹ́ta ń di nǹkan bíi tọ́ọ̀nù kan tó gbẹ, ìyẹn àpò 40 tó jẹ́ kílò 25. ₦140,000 ni gbogbo ìnáwó rẹ̀.

Bàbá Olùkọ́: ₦3,500 lórí àpò kan nìyẹn. Èló lo ń tà á?

Adékẹ́: ₦5,000. Mò ń tọrọ ₦900,000 fún ẹ̀rọ ìrin àti jáàkì.

Bàbá Olùkọ́: Èrè ₦1,500 lórí àpò. Sọ fún wọn pé lẹ́yìn àpò 600 lowó ẹ̀rọ padà. Parí ìbéèrè owó ní ìṣẹ́jú méjì ààbọ̀, kí aago má baà gé e.

Sadé Ọlọ́sìn: Èmi ò fara mọ́ ọn, Bàbá. Kó sọ ọ́ ní ogún ìṣẹ́jú àáyá àkọ́kọ́, kí wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń gbọ́ ọ fún.

Bàbá Olùkọ́: Ta ni yóò fẹ́ gbọ́ iye owó nígbà tí kò tíì mọ ohun tí a fẹ́ fi ṣe?