AS ni mí, AC ni àfẹ́sọ́nà mi: ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Àyẹ̀wò àkọ́kọ́ tí àfẹ́sọ́nà mi ṣe sọ pé AA ni, ṣùgbọ́n tuntun yìí gbé AC jáde. Mo gbọ́ pé àyẹ̀wò tó kàn ń wo bóyá ẹ̀jẹ̀ ń tẹ̀ bíi dòjé kò lè rí C. Ṣé ohun tó fà á nìyẹn?

Bí mo ṣe ṣírò ọ̀rọ̀ náà, nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ìdá kan nínú 4 ni pé ọmọ á jẹ́ SC. Wọ́n ní kì í sábà le tó SS, síbẹ̀ ó lè ba ojú àti egungun ìbàdí jẹ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ SC, tàbí tẹ́ ẹ bí ọmọ SC, báwo ló ṣe rí gan-an? Ẹ̀rù ń bà mí.