Ta ló mú oníbàárà wá: rédíò ni tàbí Fesibúùkù?

Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́: Mo kí gbogbo ilé. Èlùbọ́ ni mò ń tà ní Ìbàdàn. Àwọn oníbàárà mi máa ń pè mí tàbí kí wọ́n kọ̀wé sí mi lórí Wọ́sáàpù, lẹ́yìn náà ni wọ́n á fi owó ránṣẹ́. Lóṣù tó kọjá, mo ná 60,000 náírà sórí ìpolówó Fesibúùkù, owó ilé-iṣẹ́ rédíò kan fún oṣù náà sì jẹ́ 70,000. Mo ra síìmù tuntun tí rédíò nìkan ń kà, mo sì fi nọ́ńbà mi àtijọ́ sílẹ̀ fún Fesibúùkù. Ènìyàn tuntun 96 ló kọ̀wé sí nọ́ńbà àtijọ́, 11 nínú wọn ló sanwó. Ènìyàn 23 péré ló pe nọ́ńbà rédíò, ṣùgbọ́n 14 ló sanwó. Ọmọ mi ní kí n dá Fesibúùkù dúró. Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe irú rẹ̀ rí, kí lẹ bá pàdé?

Ọ̀gá Olóyin: Ẹ kàn máa bi wọ́n pé níbo ni wọ́n ti gbọ́ nípa yín. Ohun tí mo ń ṣe nìyẹn láti ọdún mẹ́ta.

Aláàdìrẹ Ìtòkú: Ọ̀gá, mo ṣe bẹ́ẹ̀ títí ó fi sú mi. Ọmọbìnrin tó ń bá mi dáhùn ìpè ń kọ “ọ̀rẹ́ ló júwe wa” síwájú orúkọ gbogbo ènìyàn, torí pé òun ló yá jù láti kọ. Ìgbà tí mo tún bi oníbàárà kan fúnra mi, ó ní rédíò ni, bẹ́ẹ̀ n kò polówó lórí rédíò rí láyé mi.

Ọ̀gá Olóyin: Ti ọmọ iṣẹ́ yín nìyẹn, kì í ṣe ti ìbéèrè náà.

Akọ̀wé Ọjà: Ìyá, kí ẹ tó gbọ́ ti ọmọ yín, ibo ni nọ́ńbà àtijọ́ yẹn tún wà yàtọ̀ sí Fesibúùkù?

Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́: Ó wà lára àpò èlùbọ́ mi.

Akọ̀wé Ọjà: Àpò yẹn náà ń polówó, Fesibúùkù ló sì ń gba ìyìn rẹ̀. Ẹ padà sí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí àwọn 11 yẹn kọ sí yín, kí ẹ kà á lọ́kọ̀ọ̀kan.

Bàbá Ìbejì: Èmi ń fẹ́ mọ bí ẹ ṣe ń ṣe sí àwọn tó ń béèrè iye owó lásán tí wọn kì í rà á.

Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́: Akọ̀wé, mo ti ka ọ̀rọ̀ àwọn 11 yẹn. Mẹ́rin nínú wọn kò mọ̀ pé mo polówó rárá. Ọ̀kan kọ ọ́ gbangba pé, “Mo rí nọ́ńbà yín lára àpò tí àbúrò mi gbé wálé.” Ó wá ku méje, iye tí mo ná lórí oníbàárà Fesibúùkù kan sì ti kúrò ní nǹkan bíi 5,450, ó ti lé ní 8,500. Ti rédíò jẹ́ 5,000.

Aláàdìrẹ Ìtòkú: Líǹkì tó ti ní ọ̀rọ̀ nínú ni mo fi sídìí ìpolówó mi ní tèmi, tí ó fi jẹ́ pé bí ènìyàn bá tẹ̀ ẹ́, àmì ibi tó ti wá á ti wà nínú ohun tó fẹ́ fi ránṣẹ́:

```
https://wa.me/234XXXXXXXXXX?text=Mo%20fe%20ra%20adire%20F1
```

F1 dúró fún Fesibúùkù, mo sì fi àmì mìíràn sí èyí tó wà lórí Ínsítágíráàmù. Wàhálà rẹ̀ ni pé àwọn kan máa ń pa ọ̀rọ̀ yẹn rẹ́ kí wọ́n tó kọ tiwọn.

Ọ̀gá Olóyin: Ẹ fi ẹ̀ẹ̀ní sí i. Ẹni tó bá dárúkọ àmì náà, ẹ bu díẹ̀ lé e. Kò ní pa á rẹ́ mọ́.

Akọ̀wé Ọjà: Àbá gidi ni, àmọ́ ẹni tó jẹ ẹ̀ẹ̀ní yóò júwe rẹ̀ fún aládùúgbò, aládùúgbò náà yóò sì pe àmì rédíò láìgbọ́ rédíò. Èyí tí mo gbẹ́kẹ̀ lé jù ni kí ènìyàn dá ọ̀nà kan dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí ó ka gbogbo olùrà tuntun, nọ́ńbà yòówù tí wọ́n ìbáà pè. Bí iye wọn kò bá dínkù, ọ̀nà yẹn kò mú nǹkan gidi wá. Ẹ má fi ọ̀sẹ̀ tí wọ́n san owó oṣù wé àárín oṣù, kí ẹ sì rántí pé láàárín 14 àti méje, oríire lásán lè wà níbẹ̀.

Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́: Mo ti san owó oṣù mẹ́ta fún rédíò. Fesibúùkù nìkan ni mo lè dá dúró.

Aláàdìrẹ Ìtòkú: Ẹ dá a dúró nígbà náà, àmọ́ ẹ kọ́kọ́ yí nọ́ńbà ara àpò yẹn padà.

Bàbá Ìbejì: Ìyá, èló ni kóńgò kan? Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé yín pé ibí ni mo ti wá.