Lẹ́tà ìdúpẹ́ lẹ́yìn ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò: ẹ wá sọ ìrírí tiyín

Ọmọ Ìyàmoyè
Ọ̀kún o, ẹ̀yin èèyàn mi. Iṣẹ́ àyẹ̀wò kajú ni mo lọ wá ní ilé iṣẹ́ kan ní Kábà. Àwọn mẹ́ta ló bi mí ní ìbéèrè, ṣùgbọ́n obìnrin tó jẹ́ máníjà ilé ìkẹ́rùsí kò fi mí sílẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ kan: báwo ni mo ṣe ń mọ̀ pé oníṣòwò ti bu omi sí kajú kó lè tẹ̀wọ̀n? Mo dáhùn, àmọ́ àyà mi ń já, mo sáré sọ ọ́.

Bí mo ṣe jáde, mo bẹ akọ̀wé pé kó fún mi ní íméèlì máníjà náà, kó sì bá mi kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ bí obìnrin náà ṣe ń kọ ọ́. Alẹ́ ni mo jókòó ti lẹ́tà. Àkọ́kọ́ gùn: mo mọ kọ̀ǹpútà, mo mọ èèyàn bá ṣiṣẹ́, n kì í pẹ́ dé. Mo pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, mo mú ẹyọ kan. Òyìnbó ni mo fi kọ ọ́, ohun tó wí rèé:

"Ẹ ṣeun tí ẹ fún mi láyè lónìí. Ìbéèrè yín nípa kajú tútù ṣì wà lọ́kàn mi. Ní sáà kajú méjì tí mo fi ṣiṣẹ́ ní Ìyàmoyè, mo máa ń mú èso láti òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ àpò, mo máa ń gé wọn sí méjì wo inú wọn kí a tó gbé àpò sórí òṣùwọ̀n. Àpò tó bá tutù, ẹ̀gbẹ́ kan la ń yà á sí, a kì í sanwó rẹ̀ títí yóò fi gbẹ. Iṣẹ́ yìí gan-an ni mo fẹ́ wá ṣe lọ́dọ̀ yín."

Lẹ́yìn náà, orúkọ mi àti nọ́ńbà fóònù, ó tán. Mo tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́, mo sùn. Òwúrọ̀ ni mo rí i pé Outbox ló sùn sí, nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò gbé e. Ó kọjá aago mẹ́jọ kó tó lọ. Bí n kò bá yẹ̀ ẹ́ wò, ibẹ̀ ni ì bá wà.

Ọmọ Ẹ̀gbẹ̀
Èmi ò tilẹ̀ tíì jáde ní ọgbà wọn tí mo ti fi tèmi ránṣẹ́, ọ̀kan náà sí àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó fọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò. Ó dára kó yá. Mo so sífíì mọ́ ọn, mo sì ka agbára mi méje, torí a ò mọ èyí tí wọ́n ń wá. Wọn ò gbà mí, àmọ́ n kò rò pé lẹ́tà ló fà á.

Bàbá Kábà
Mo ti bá wọn jókòó gbani síṣẹ́ fún ọdún 11. Òótọ́ ni pé kó yá, ọmọ mi, kó má kọjá wákàtí 24. Ṣùgbọ́n lẹ́tà tó dé kí ẹni tó kọ ọ́ tó dé géètì, a mọ̀ pé ilé ló ti kọ ọ́ wá. A sì máa ń fi lẹ́tà han ara wa. Bí ó bá jẹ́ mẹ́rin ni wá, yí gbólóhùn kan padà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, èyí tó kan ohun tí òun bi ọ́. Agbára méje, n kò ní rántí ẹyọ kan níbẹ̀. Sífíì rẹ ti wà níwájú wa tẹ́lẹ̀.

Ọjọ́ náà gan-an la máa ń fún kálukú ní máàkì. Lẹ́tà kì í sọ 40 di 70. Ìgbà tí èèyàn méjì bá sún mọ́ra tí a ṣì ń ro tiwọn ló ń wúlò. Kí ohun tí o kọ sì bá ohun tí o fi ẹnu sọ mu. Ọmọkùnrin kan sọ lójú wa pé oṣù mẹ́ta lòun fi wa katakata; inú lẹ́tà, ó di ọdún mẹ́ta. A ò tún gbé fáìlì rẹ̀ mọ́.

Ìyá Ìbejì Mọ̀pà
Ẹ jọ̀ọ́, ṣé bí wọ́n bá gbà mí tán ni mo máa dúpẹ́? Iṣẹ́ olùkọ́ ni, ìgbìmọ̀ ìjọba ló pè wá sí Lọ́kọ́ja. Mo ti ṣa iṣu mẹ́wàá sọ́tọ̀ fún alága wọn.

Bàbá Kábà
Ìyá wa, ẹ má gbé iṣu lọ o. Nígbà tí wọn ò tíì pinnu, rìbá ni wọ́n máa pè é. Ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ nìkan là ń sọ, kí wọ́n tó pinnu.

Ìyá Ìbejì Mọ̀pà
Wọn ò fún wa ní íméèlì. Nọ́ńbà alága nìkan ni mo rí gbà lọ́wọ́ ẹnì kan. Ṣé kí n fi Wáàsáàpù kọ ọ́?

Bàbá Kábà
Èmi ò ní ṣe é. Nọ́ńbà tí kò fúnra rẹ̀ fún yín, ẹ jẹ́ kó wà.

Ọmọ Ẹ̀gbẹ̀
Bàbá, ẹ má bínú, àbúrò mi ṣe irú rẹ̀, wọ́n sì dá a lóhùn pé ó ṣeun.

Bàbá Kábà
Ṣé ó rí iṣẹ́ náà?

Ọmọ Ẹ̀gbẹ̀
Kò tíì gbọ́ nǹkan kan.

Ọmọ Ìyàmoyè
Tèmi, ọjọ́ kẹsàn-án ni wọ́n pè mí. N kò lè fọwọ́ sọ̀yà pé lẹ́tà ni, ẹni méjì mìíràn ni wọ́n tún pè. Ṣùgbọ́n máníjà ní kí n mú irin ìgékajú mi dání lọ́jọ́ Ajé, àpò mẹ́fà wà níbẹ̀ tí òun fẹ́ kí n gé lójú òun.